Han kú ní apá kẹta, ó tún wà láàyè ní apá kẹrin: báwo ni kí a ṣe to Fast & Furious wò?

Àdùkẹ́_Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, ń bọ̀ wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, kò sì tíì wo Fast & Furious kankan rí. Èmi ti wò wọ́n tán, àmọ́ wúruwùru ni mo wò wọ́n. Apá karùn-ún ni mo kọ́kọ́ rí nílé ọ̀rẹ́ mi, lẹ́yìn náà apá keje nítorí ikú Paul Walker tí gbogbo èèyàn ń sọ, kí n tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn yòókù kiri. Mo fẹ́ kí tirẹ̀ dára ju tèmi lọ.

Apá kẹta, Tokyo Drift, ló dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n gbé e jáde ní 2006, Han sì kú nínú rẹ̀. Apá kẹrin jáde ní 2009, Han yìí kan náà ló tún wà níbẹ̀ tó ń bá Dom ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tó sọ bó ṣe jẹ́. Ẹnì kan ní kí n gbé apá kẹta lọ sẹ́yìn apá kẹfà, torí pé ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ bọ́ sí. Ẹlòmíràn ní kí n má dán an wò. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Fíìmù kan lálẹ́ kan la máa lè wò, nítorí epo jẹnẹrétọ̀.

Dọ́tun_Àkúrẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí kò le, ẹ̀gbọ́n. Ibi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Apá kẹsàn-án ló gbé wa padà sí 1989, nígbà tí Dom ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tí bàbá rẹ̀ kú lórí pápá ìdíje ọkọ̀. Ẹ fi ìyẹn ṣíwájú. Kí ẹ wá wo ìkíní, ìkejì, ìkẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹfà, kí ẹ tó padà sí ìkẹta, lẹ́yìn náà ìkeje títí lọ. Tí ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀, kò ní sí ibi tí yóò ti dàrú.

Mẹkáníìkì_Mọ́níyà

Tó bá jẹ́ tèmi ni, apá kẹta nìkan ló tó ọmọ náà. Òun nìkan ni ọkọ̀ ti jẹ́ ọkọ̀ nínú gbogbo wọn. Ẹ wo Mazda RX-7 tí Han ń wà, ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé ẹ́ńjìnnì Nissan sínú Mustang 1967, iṣẹ́ ọwọ́ tí mẹkáníìkì gidi lè ṣe ni. Láti apá karùn-ún lọ, ọkọ̀ ti ń fò, ó ti ń wọ́ àpótí owó báńkì kiri ìgboro. Èmi kò mọ ohun tí ẹ fẹ́ tò níbẹ̀.

Bàbá_Sinimá

Dọ́tun, láti ìkíní dé ìkeje, ìlà tí o tò tọ̀nà. Bí ìtàn ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn lóòótọ́. Apá kẹsàn-án tí o fi ṣíwájú ni mi ò bá ọ lọ sí. Ìran 1989 yẹn kì í ṣe fíìmù tó dá dúró. Wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì há a sáàárín ìtàn tó ń lọ lọ́wọ́, nígbà tí Dom ti di bàbá ọmọ. Ẹni tó bá fi í ṣíwájú yóò rí Letty olólùfẹ́ Dom, yóò rí Han, yóò rí ọmọ Dom, kò sì ní mọ ẹyọ kan nínú wọn. Bí ẹnì kan bá ń rántí ìgbà èwe rẹ̀ nínú fíìmù, ibi tó jókòó sí tó ti ń rántí ni a fi ń mọ ipò fíìmù náà, kì í ṣe ibi tí ọkàn rẹ̀ lọ.

Mẹkáníìkì, ọ̀rọ̀ yín lórí ọkọ̀ dùn mọ́ mi, a óò padà sí i.

Àdùkẹ́, ìbéèrè kan ni mo ní fún ọ kí n tó dáhùn tìrẹ. Kí ni àbúrò rẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀? Ṣé ó ti gbọ́ orúkọ Han rí? Ṣé ẹnì kan ti sọ fún un pé ó kú, tàbí ẹni tó pa á?

Àdùkẹ́_Abẹ́òkúta

Ẹ ṣé, sà. Kò mọ nǹkan kan. Ojú Vin Diesel ló mọ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ pé Dom ni wọ́n ń pè é nínú eré.

Bàbá_Sinimá

Ó dáa. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe gbé wọn jáde ni kí ẹ ṣe wò wọ́n. Jẹ́ kí n tẹ̀lé Han nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ní 2006, àlejò pátápátá ni Han. Sean, ọmọkùnrin ará Amẹ́ríkà tí wọ́n lé lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Tokyo, ló bá a pàdé. Han kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ọkọ̀ yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dà bí ẹ̀gbọ́n fún un, ó sì kú. D.K., ọ̀tá Sean nínú ìdíje ọkọ̀, ń lé e bọ̀ láàárín ìgboro, ọkọ̀ kan ṣàdédé já lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, RX-7 rẹ̀ dojú dé, iná sì sọ. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ nígbà náà pé ta ló wa ọkọ̀ tó já lù ú. Ìjàǹbá ojú pópó ni gbogbo wa kà á sí.

Ọdún 2009, Justin Lin tó darí apá kẹta ló tún darí ìkẹrin. Bí fíìmù ṣe bẹ̀rẹ̀, Dom àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ń ja ọkọ̀ epo lólè ní orílẹ̀-èdè Dominican, Han sì wà láàárín wọn. Kí ó tó yà kúrò, ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ń ṣe nǹkan ńlá ní Tokyo. Ọ̀rọ̀ kan péré nìyẹn. Ẹni tó ti wo apá kẹta yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìtàn ti padà sẹ́yìn, pé ọkùnrin yìí ń lọ bá ikú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀. Ní ìparí apá karùn-ún, Gisele, olólùfẹ́ rẹ̀, bi í pé ṣebí Tokyo ló fẹ́ lọ. Ó dáhùn pé àwọn yóò dé ibẹ̀ nígbà tó bá yá. Wọ́n fi lílọ náà falẹ̀, ìwọ tí o mọ ohun tó wà níbẹ̀ sì ń bẹ̀ ẹ́ lọ́kàn rẹ pé kó má lọ.

Ẹni tí kò tíì wo apá kẹta, ìlú lásán ni Tokyo létí rẹ̀. Bí ẹni ń sọ pé òun fẹ́ lọ sí Ìbàdàn ni.

Ó wá ku ìrù apá kẹfà, lẹ́yìn tí orúkọ àwọn òṣèré ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìjàǹbá Tokyo yẹn kan náà ni wọ́n tún fi hàn wá, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí a rí awakọ̀ tó já lu Han. Jason Statham, ẹni tí wọ́n ń pè ní Shaw nínú eré, ló sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Èyí tí a ti ń pè ní ìjàǹbá láti 2006 di ìpànìyàn lójú wa. Ohun tó mú kí ara èèyàn bù máṣọ ni pé ó ti rí ìran náà rí, ó sì rò pé òun mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò rí i rí kò ní nǹkan tí yóò yí padà lọ́kàn rẹ̀.

Ṣadé_Peckham

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ máà bínú, ìrírí tèmi yàtọ̀. Bí ẹ ṣe sọ yẹn ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ mi, apá kẹta ló sì fà á tí kò fi bá mi wò ó mọ́ fún oṣù mẹ́ta. Ẹ rò ó wò. Apá kìíní, Dom àti Brian tí Paul Walker ṣe la fẹ́ràn. Apá kejì, Dom kò sí níbẹ̀, Brian nìkan ni. Apá kẹta, Dom kò sí, Brian kò sí. Ọmọ ilé ìwé kan tí a kò mọ̀ rí ni wọ́n gbé fún wa. Ó bi mí pé ṣé fíìmù kan náà ni a ṣì ń wò. Ó lọ sùn kí Dom tó yọjú ní ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn.

Nígbà tí mo tún bẹ̀ ẹ́, a fo ìkẹta. A wo ìkẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹfà. Mo dá ìkẹfà dúró bí orúkọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, mi ò jẹ́ kó rí ìrù rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì a wo Tokyo Drift. Nígbà tí ó tán ni mo wá padà lọ gbé ìrù ìkẹfà sí i, a sì wọ ìkeje.

Ẹ ò lè mọ bí Tokyo Drift ṣe yàtọ̀ tó nígbà tí ẹ bá ti mọ Han fún fíìmù mẹ́ta. Gisele ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní apá kẹfà, òun ló fi ara rẹ̀ jìn kí Han lè yè. Ẹ wá bá ọkùnrin yìí ní Tokyo, ó dákẹ́, kò jẹ́ kí ohunkóhun wọ òun lára, ó ń fi owó àti ọkọ̀ ṣeré bí ẹni tí kò sí ohun tó ń wá mọ́. Nígbà tó ń bá Sean sọ̀rọ̀ lórí òrùlé, ó fi ara rẹ̀ wé àwọn ọkùnrin inú fíìmù kọ́bọ̀ì tí wọ́n ń sá lọ sí Mexico, ó ní Mexico tòun rèé. Ní 2006, ẹni tó sá fún ọlọ́pàá la rò pé ó ń sọ. Lẹ́yìn apá kẹfà, ọkùnrin tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni. Ọkọ mi kò sọ̀rọ̀ títí iná fi sọ lára ọkọ̀ yẹn.

Bàbá_Sinimá

Ṣadé, mo gbà pé ó dùn bẹ́ẹ̀, èmi náà ti ṣe é. Ohun tí o ṣe sí ìrù ìkẹfà ni kò jẹ́ kó bàjẹ́, ọ̀pọ̀ tó ń gba ẹlòmíràn nímọ̀ràn kì í sì í sọ ọ́. Tí wọ́n bá wo ìkẹfà tán pátápátá kí wọ́n tó wọ ìkẹta, wọ́n ti rí ikú Han, wọ́n sì ti rí ojú ẹni tó pa á. Wọn yóò wá jókòó ti Tokyo Drift odindi, wọn yóò máa dúró de ohun tí wọ́n ti mọ̀.

Àmọ́ má pè é ní bí ìtàn ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Kò ṣeé tò gan-an. Ìrù ìkẹfà ṣẹlẹ̀ ní àárín ìkẹta. Ìparí ìkẹta, níbi tí Dom ti dé sí Tokyo tó ní ẹbí òun ni Han, ṣẹlẹ̀ nínú ìkeje. Nínú ìkeje la ti rí i pé ilé Dom bú gbàù, Shaw pè é lórí fóònù, ó wá lọ sí Tokyo lọ gbé òkú Han. Ibẹ̀ ni Sean ti fún un ní àwòrán Gisele àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kan tí wọ́n bá níbi tí ọkọ̀ náà ti jó. Bí irun tí a di ni fíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ inú ara wọn. Èyíkéyìí tí o bá kọ́kọ́ wò, wàá ti fò kọjá nǹkan kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Mẹkáníìkì ti bọ́ sí nìyí. Tí a bá ní ìkẹta ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìkẹfà, ìkẹfà sì jáde ní 2013, báwo ni fóònù tó ń ṣí, tó ń pa dé, ṣe kún ọwọ́ àwọn ọmọ Tokyo? Ojú Sean náà ńkọ́? Ọmọ ilé ìwé ni ní ìparí ìkẹta, àmọ́ ní ìkeje, nínú ìran tó yẹ kó jẹ́ alẹ́ ọjọ́ kan náà, ó ti di géńdé, torí ọdún mẹ́sàn-án ló wà láàárín ìgbà tí wọ́n gbé fíìmù méjèèjì jáde.

Mẹkáníìkì_Mọ́níyà

Ẹ ṣeun. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn, mi ò kàn mọ bí mo ṣe máa gbé e. Gbogbo ọkọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ ti ìgbà náà. Nissan 350Z tí D.K. ń wà, ọkọ̀ àwọn ọdún yẹn ni. Tí ẹ bá wò ó lẹ́yìn ìkẹfà, ẹni tó mọ ọkọ̀ yóò máa bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí ìlú tó lówó tó Tokyo kò ní ọkọ̀ tuntun.

Ṣadé_Peckham

Òótọ́ ni ti fóònù yẹn. Ọkọ mi rí i, ó rẹ́rìn-ín, a sì ń bá eré lọ. Kò dí i lọ́wọ́ bí àìsí Dom ṣe dí i lọ́wọ́.

Fẹ́mi_Òkè_Àdó

Ẹ gba mi láyè. Èmi wo gbogbo rẹ̀ lórí díìsìkì tí wọ́n kó fíìmù mẹ́jọ sí lójú kan, èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà. Wọn kò tò wọ́n bí ẹ ṣe ń sọ yìí rárá. Wọ́n ti gé gbogbo orúkọ kúrò ní ìparí kí àyè lè gba wọ́n. Nígbà tí mo dé ìkẹfà tí Letty jáde láàyè, ṣe ni mo rò pé orí mi dàrú, torí pé wọ́n sọ ní ìkẹrin pé wọ́n ti pa á. Ó tó ọdún kan kí ẹnì kan tó sọ fún mi pé ìran kan wà ní ìparí ìkarùn-ún tí wọ́n ti fi àwòrán rẹ̀ han Hobbs, agbófinró tó ń lé Dom. Bí ẹ ṣe wù kí ẹ tò ó, ẹ kọ́kọ́ yẹ ohun tí ẹ fẹ́ wò wò.

Bàbá_Sinimá

Fẹ́mi, ọ̀rọ̀ rẹ wúlò gan-an. Àdùkẹ́, kí àbúrò rẹ tó dé, ṣí ìkarùn-ún, ìkẹfà àti ìkẹsàn-án, kí o sáré lọ sí ìparí wọn. Ní ìkarùn-ún, Eva Mendes, ẹni tí a mọ̀ láti apá kejì, ni ó yẹ kó mú fáìlì kan wá fún Hobbs. Ní ìkẹfà, ìjàǹbá Tokyo. Ní ìkẹsàn-án, Shaw yóò ṣílẹ̀kùn, yóò sì rí ẹni tó kan ìlẹ̀kùn náà. Tí o kò bá rí wọn, wọ́n ti gé ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ. Tó bá jẹ́ orí áàpù lo ti ń wò ó, bí orúkọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, àwòrán yóò kéré sí igun kan, fíìmù mìíràn yóò sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Tẹ àwòrán kékeré yẹn kí ó lè padà kún ojú. Ó tún dára kí o lọ pa á nínú ètò áàpù náà pé kó má máa gbé fíìmù tó kàn wá fúnra rẹ̀.

Ìran Eva Mendes yẹn ló jẹ́ kí n máa sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fo apá kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Dom kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fò ó kò ní mọ obìnrin náà.

Màmá_Bọ́lá

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Èmi kò wo ti òyìnbó yẹn, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń sọ yé mi. Ẹni tó bá fẹ́ wo Agogo Èèwọ̀, kó kọ́kọ́ wo Saworoidẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Lápité ní Jogbo ló bí ti èkejì. Mo ti rí àwọn ọmọ tó wo èkejì nìkan, tí wọn kò mọ ìdí tí ará ìlú fi ń fura sí àwọn ìjòyè. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ máa wò ó ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé.

Bàbá_Sinimá

Ẹ ṣé, Màmá. Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ nínú tiyín, ọ̀nà méjèèjì bára mu: Saworoidẹ jáde ní 1999, Agogo Èèwọ̀ ní 2002, ìtàn èkejì sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ti àkọ́kọ́ parí sí. King of Boys náà rí bẹ́ẹ̀, ti 2018 kó tó kan ti 2021. Kò sí ohun tí èèyàn ń yàn níbẹ̀. Ìgbà tí àwọn tó ṣe fíìmù bá gbé èyí tó pẹ́ jáde kí ìtàn rẹ̀ sì ṣíwájú ti tẹ́lẹ̀ ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Houston

Nínú Star Wars ni wọ́n ti ń ja ìjà yìí jù. Mẹ́ta àkọ́kọ́ jáde ní 1977, 1980 àti 1983, wọ́n sì fún wọn ní nọ́ńbà kẹrin dé ìkẹfà. Ìkíní dé ìkẹta wá jáde láàárín 1999 sí 2005, ìtàn bí Darth Vader ṣe di ẹni burúkú ni. Tí ẹ bá tẹ̀lé nọ́ńbà, ẹ ti mọ̀ kí ẹ tó dé ti 1980 pé Vader ni bàbá Luke, gbólóhùn tó mi gbogbo ayé lọ́dún náà yóò sì kọjá lọ bí ìkíni àárọ̀.

Ohun tí mo ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ mi ni èyí tí wọ́n ń pè ní Machete Order, tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rod Hilton kọ sórí ayélujára ní 2011: ìkẹrin, ìkarùn-ún, kí ẹ padà sí ìkejì àti ìkẹta, kí ẹ wá fi ìkẹfà parí. Ó yọ ìkíní kúrò. Ẹ ti gbọ́ àṣírí tán kí ẹ tó padà lọ wo bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ sì tún padà wá wo òpin rẹ̀. Ohun tí Ṣadé ṣe sí Tokyo Drift jọ ọ́.

Kẹ́mi_Òṣogbo

Ẹ̀yin èèyàn yìí, ó dùn mí o. Star Wars ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Fast & Furious ló wà nínú àkọlé, ìyẹn ni mo fi wọlé wá kà á. Ẹ ti sọ bàbá Luke fún mi.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Houston

Ẹ dákun, ẹ foríjì mí tọkàntọkàn. Mo rò pé gbogbo èèyàn ti gbọ́ ọ, kò yẹ kí n rò bẹ́ẹ̀. Torí pé ẹ ti wá mọ̀, ọ̀nà nọ́ńbà kò lè gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín mọ́. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ìkíní kí ẹ máa wo bí ọmọ kékeré náà ṣe ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó lágbára bẹ́ẹ̀ náà fún ẹni tó mọ ibi tó ń lọ.

Bàbá_Sinimá

Ohun tí mo fi ń bi Àdùkẹ́ ní ìbéèrè lókè nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé àbúrò rẹ̀ ti mọ̀ pé Shaw ló pa Han, ọ̀nà Ṣadé ni mi ò bá sọ fún un, torí àṣírí ti lọ, ìfẹ́ Han ló kù tí ó lè jèrè.

Mi ò fẹ́ kí ẹ̀rù máa bà ọ́ nípa apá kẹta ṣá, Àdùkẹ́. Sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé Dom kò sí nínú rẹ̀, pé kó kà á sí ìtàn ìlú mìíràn, kó sì ní sùúrù dé òpin. Ọkọ Ṣadé sùn torí pé ó ń dúró de ẹni tí kò bọ̀.

Ṣadé_Peckham

Ìyẹn lè ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́. Àmọ́ sà, ìkẹsàn-án ńkọ́? Han padà wá, wọ́n ní irọ́ ni ikú rẹ̀. Ẹni tó ti ń gbé ẹ̀dùn ikú yẹn láti apá kẹta, ṣé wọn kò ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Bàbá_Sinimá

Mo ti rò ó títí. Lójú tèmi, ẹni tó wò ó bí wọ́n ṣe gbé e jáde lè dárí jì wọ́n, torí òun náà ti rí Han tó "jí" lẹ́ẹ̀kan ní ìkẹrin. Ẹni tó wò ó bíi tìrẹ sunkún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun ni wọ́n rẹ́ jẹ jù. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí èyí. Àwọn kan yọ̀ débi pé wọn kò bìkítà bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí inú wọn ò dùn rárá nígbà tí wọ́n mú Shaw jókòó sídìí oúnjẹ pẹ̀lú ẹbí Dom ní ìkẹjọ.

Dọ́tun_Àkúrẹ́

Mo ti gba ti apá kẹsàn-án, sà. Àmọ́ ẹ ò tíì sọ ti Los Bandoleros. Ṣebí kékeré kan wà tí Vin Diesel darí fúnra rẹ̀, tí Han wà nínú rẹ̀?

Bàbá_Sinimá

Ó wà. 2009 náà ni, kò gùn, ìtàn rẹ̀ sì ṣẹlẹ̀ ní kété ṣáájú ìkẹrin, bí wọ́n ṣe kó ara wọn jọ fún iṣẹ́ ọkọ̀ epo yẹn. Ẹ má fi ṣíwájú ìkẹrin fún ẹni tó ń wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. Kí Han yọ sí ọmọ náà lójijì nínú ìkẹrin ló dáa. Ẹ lè padà wá wò ó tẹ́ ẹ bá parí.

Àdùkẹ́_Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo yẹ ìparí àwọn mẹ́ta yẹn wò, ìkarùn-ún tèmi kò ní ìran Eva Mendes, mo ti wá òmíràn. Bí wọ́n ṣe gbé e jáde la máa tẹ̀lé. Tí apá kẹta bá sú u ní ìdajì, màá dá a dúró, màá sì tẹ̀lé ọ̀nà Àǹtí Ṣadé.

Àdùkẹ́_Abẹ́òkúta (ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà)

Mo ní kí n wá jábọ̀. Apá kejì kò dùn mọ́ ọn púpọ̀. Mo sọ fún un pé Dom kò sí ní apá kẹta, ó ní kò burú. Han wọ̀ ọ́ lọ́kàn láti ìgbà tó ti yọjú. Nígbà tí ọkọ̀ yẹn gbiná, ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó lè ti jáde, mo ní kó máa wo eré.

Àná la bẹ̀rẹ̀ ìkẹrin. Kò tíì pẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ tó fi gba rìmóòtù lọ́wọ́ mi, ó dá a dúró gbagidi lójú Han. Ó dìde lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ó wò ó. Ó bi mí pé ṣé ìbejì ni, àbí kí ló ṣẹlẹ̀? Mi ò mọ ohun tí mo lè dáhùn.

Bàbá_Sinimá

Má dá a lóhùn. Jẹ́ kí eré máa lọ, kó gbọ́ ọ̀rọ̀ Tokyo yẹn fúnra rẹ̀.

Àdùkẹ́_Abẹ́òkúta

Ó ti gbọ́ ọ. Ó jókòó padà, ó ní, "Kó má lọ o."